Oṣù mọ́kànlélógún tí mi ò ṣiṣẹ́: báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ nínú lẹ́tà ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́?

Àbẹ̀kẹ́ Olómi (ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Keje 2025)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ du ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ DAAD, àjọ Jámánì tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, ní ẹ̀ka EPOS tó wà fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí, láti lọ kọ́ nípa omi ní Jámánì. Mo ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti oṣù Kìíní 2021 títí di òpin oṣù Kejì 2023. Ìgbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi, mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tọ́jú wọn. Oṣù Kejìlá 2024 ni mo tó rí iṣẹ́ míì. Báwo ni kí n ṣe sọ àlàfo yìí nínú lẹ́tà tí kò fi ní dà bíi pé mò ń tọrọ àánú, tí kò sì ní jẹ́ irọ́? Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ní ọdún 2023, àjálù ńlá já lu ìdílé mi. Ìyá mi, ẹni tí mo ní láyé, ṣubú lulẹ̀ ní ìdájí, láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti dàrú fún mi. Mo sunkún títí, mo fi iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́. Ìṣòro yìí ló kọ́ mi ní sùúrù, ìfaradà àti bí a ṣe ń ṣe olórí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wo àlàfo yìí, ọkàn mi ni kí ẹ wò."

Jagunlabí

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á túbọ̀ fún wọn ní àlàáfíà.

Ní tèmi o, yọ gbogbo ìpínrọ̀ yẹn kúrò. Lórí sífíì rẹ, má kọ oṣù rárá, ọdún nìkan ni kí o kọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́: 2021 sí 2023. Èkejì: 2024 títí di ìsinsìnyí. Ta ló máa mọ̀? Ohun tí èmi ṣe nìyẹn nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ báńkì, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè kankan, wọ́n sì gbà mí.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí èmi náà ní àlàfo. ASUU yan iṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi wà nílé. Ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún wá di ọdún mẹ́fà àtààbọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n kọ ìpínrọ̀ kan odindi láti ṣàlàyé ẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, mo mọ ohun tí ojú rẹ rí. Tèmi, ìbejì ni mo bí, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì. Chevening, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Ìlú Ọba, ni mo ń wò báyìí, mo sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní iṣẹ́ mi ti já, nítorí wọ́n ní kéèyàn ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Kí n tó bímọ, ọdún kan ni mo fi ṣiṣẹ́ gidi. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo ń kọ́ni ní iléèwé aládàáni kan fún wákàtí ogún lọ́sẹ̀, ó tó àádọ́rin ọ̀sẹ̀ báyìí. Ṣé ìyẹn ká?

Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá àwọn ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan ka ìwé àwọn tó ń du ipò, mo sì máa ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún àwọn tí mo kọ́. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè dá àwọn méjì lóhùn ná. Ọmọ Yunifásítì, èyí tí ìwọ ń bi wá yàtọ̀. Àkókò tó o fi wà nílé ẹ̀kọ́ ni tìrẹ, kì í ṣe àkókò tó o fi wà láìníṣẹ́. Ẹni tó bá ti ka ìwé ọmọ Nàìjíríà rí mọ ìyanṣẹ́lódì dáadáa. Gbólóhùn kan péré tó: kọ ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, kí ẹni tó ń ka àbájáde ìdánwò rẹ má baà rò pé ìwọ lo gbé ìdánwò tì. Má fi ìpínrọ̀ ṣòfò lé e lórí.

Ìyá Ìbejì, wákàtí ni Chevening ń kà, wọn kì í wò ó bóyá ọdún méjèèjì so mọ́ ara wọn. Iye tí wọ́n ń béèrè ni 2,800. Bí wọ́n ṣe rí i ni pé wọ́n mú wákàtí 35 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 40, ìyẹn 1,400 lọ́dún kan. Ọdún àkọ́kọ́ yín ti mú 1,400 wá. Wákàtí ogún fún àádọ́rin ọ̀sẹ̀ tún jẹ́ 1,400. Ẹ ti pé e. Ọdún ìbejì kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín, kò sì sí pé iṣẹ́ yín já lójú wọn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ àròkọ lé lórí kò ní àyè fún àlàfo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mẹ́nu bà á, ibi tí ẹ ti ń sọ nípa iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú ni kí ẹ fi gbólóhùn kan sí.

Ó kan Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ mi, má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn Jagunlabí lè pa ìwé rẹ. Fún báńkì, ó lè ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó gbà á síṣẹ́ lè má béèrè lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. EPOS yàtọ̀. Ìwé ìjẹ́rìí iṣẹ́ tí ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà lára ohun tí o máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe sífíì nìkan. Ẹni tó ń ka ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà rẹ. Sífíì ló kọ́kọ́ máa ń ṣí, á sì fi lẹ́tà ọ̀gá rẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi fúnra mi, mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ oṣù sí etí ìwé. Bí sífíì bá ní "2021 sí 2023", tí lẹ́tà ọ̀gá sì sọ pé oṣù Kejì 2023 lo lọ, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé o ń fi nǹkan pamọ́. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tó o bá tún sọ, ìfura ni mo fi ń kà á. Àwọn tí àlàfo wọn gùn ju tìrẹ lọ wọlé. Àwọn tí oṣù inú ìwé wọn kò bá ara wọn mu ni mo rí tí wọ́n yọ.

Kí o tó kọ gbólóhùn kan nípa àlàfo, ka ọdún rẹ ná. EPOS fẹ́ kéèyàn ti ṣiṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ náà mu fún ó kéré tán ọdún méjì lẹ́yìn tó gba oyè àkọ́kọ́. Oṣù mélòó lo fi ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn? Oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn nìkan ti kọjá ọdún méjì, ká má tilẹ̀ ka iṣẹ́ tuntun, ká má sì ka ìgbà tó o jẹ́ àgùnbánirọ̀. Àlàfo náà kò yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí ó lè du ipò. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń fẹ́ kí oyè tó kẹ́yìn má ju ọdún mẹ́fà lọ. Ọdún wo lo gboyè?

Àbẹ̀kẹ́ Olómi

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Oṣù Kẹwàá 2019 ni mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo wá ṣe àgùnbánirọ̀ títí di oṣù Kẹwàá 2020.

Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò

Ohun tó yẹ kó kọ ọ́ lóminú nìyẹn, kì í ṣe àlàfo. Oṣù Kẹwàá ọdún yìí ni oyè rẹ máa pé ọdún mẹ́fà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú EPOS kì í ti ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan náà, kálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀, wọn kì í sì í fi ojú kan náà wo ọdún mẹ́fà yẹn. Lọ sí ojú-ìwé ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ lónìí, wo ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn, kí o sì kọ ímeèlì sí wọn láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ń ka ọdún mẹ́fà náà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ka ìpínrọ̀ àlàfo rẹ rárá, nítorí wọ́n á ti dá ìwé rẹ padà lẹ́nu ọ̀nà.

Wàyí o, ká wo ìpínrọ̀ tó o kọ. Nígbà tí mo bá rí àlàfo, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ara mi kì í ṣe "kí ló dé tí ọmọ yìí ò ṣiṣẹ́?" Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ohun tó fà á ti parí, àbí ó tún máa fà á kúrò nílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ó ti gbàgbé ẹ̀. Ìpínrọ̀ rẹ kò dáhùn ìkankan nínú méjèèjì. Kò sọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀, kò sọ oṣù tó parí, kò sọ bí màmá ṣe wà báyìí. Ó ní ìṣòro náà kọ́ ọ láti ṣe olórí. Ta lo ṣe olórí fún? Ẹni tó ń ka ọgọ́rùn-ún lẹ́tà ti rí gbólóhùn yẹn nínú ogójì. Èyí tó wá burú jù ni "mo bẹ̀ yín". Ó ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé ìwọ fúnra rẹ gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Sọ fún mi ní òtítọ́: nínú oṣù mọ́kànlélógún yẹn, kí lo ń ṣe ní ojoojúmọ́? Má ronú nípa lẹ́tà. Ṣá sọ ọ́ fún mi.

Àbẹ̀kẹ́ Olómi

Oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé ni. Mo máa ń gbé wọn dìde, mo máa ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń bá wọn na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí àwọn dókítà ṣe ní ká máa ṣe. Kò sí nǹkan míì.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 2024, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, àbúrò mi obìnrin sì ti padà sílé. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan wà létí odò lẹ́yìn ilé wa, ẹ̀rọ bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń fa omi sórí oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Kárùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bí náírà 190 tó di ohun tó lé ní 500, ni ọ̀rọ̀ ti le fún wọn. Mo ń lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, mò ń kọ iye lítà tí kálukú lò àti iye wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Àwọn mọ́kànlá ni. Mẹ́ta nínú wọn pa ìdajì oko wọn tì nítorí owó epo. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta, mo dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn mò ń wá iṣẹ́, mo sì ń bá màmá jókòó. Ẹnikẹ́ni ò san owó fún mi, torí náà mi ò rò pé ó jẹ́ nǹkan tí èèyàn lè kọ.

Jagunlabí

Ah! Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ nìyẹn jàre! Mo gba ohun tí bàbá sọ nípa oṣù, mo ti rí àṣìṣe mi. Ṣùgbọ́n báyìí, sọ ọ́ sórí sífíì pé "Olùdámọ̀ràn lórí omi, oṣù Kẹta 2023 sí oṣù Kọkànlá 2024". Àlàfo ti tán nìyẹn.

Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò

Jagunlabí, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ dáa: ó yẹ kó wà lórí sífíì. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ló ṣe é, kì í ṣe mọ́kànlélógún, àwọn àgbẹ̀ náà kò sì gbà á ní olùdámọ̀ràn. Bí wọ́n bá bi í lẹ́nu ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé "kí lo bá wọn ṣe ní oṣù Kẹfà 2023?", kí ló máa sọ? Oṣù mẹ́ta tó jẹ́ òtítọ́ gbé e ju ọdún méjì tó fà gùn lọ.

Lórí sífíì, gbólóhùn méjì ni mo máa kọ tó bá jẹ́ èmi. Èkíní: "Oṣù Kẹta 2023 sí oṣù Kọkànlá 2024: ìtọ́jú ìyá mi tó ń ṣàìsàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́." Èkejì lábẹ́ rẹ̀: "Oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta 2024: iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ mọ́kànlá, àkọsílẹ̀ epo àti wákàtí ìbomirin." Ó tán.

Àbẹ̀kẹ́, wo bí mo ṣe tún ìpínrọ̀ náà kọ. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ níbí kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ. Ìwọ á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tìrẹ:

"Ní òpin oṣù Kejì 2023, mo fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá mi tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, mo sì wà pẹ̀lú wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí di oṣù Kọkànlá 2024. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, àbúrò mi ló ń gbé pẹ̀lú wọn, èmi sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù Kejìlá 2024. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta 2024, mo bá àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ mọ́kànlá létí odò kọ iye bẹntiróòlù àti iye wákàtí tí wọ́n fi ń bomi rin oko wọn. Mẹ́ta nínú wọn ti pa ìdajì oko wọn tì nítorí owó epo. Ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn fa omi lè gbà wọ́n lọ́wọ́ owó yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí omi kò bá ná àgbẹ̀ ní nǹkan kan mọ́, ó lè fà á ju ohun tí odò lè gbà. Bí a ṣe lè mọ iye omi tó ṣeé fà nínú irú odò kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ wá kọ́."

Wò ó bó ṣe lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ oṣù àti ìdí, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Èkejì pa ìbẹ̀rù ẹni tó ń kà á: ọ̀rọ̀ náà ti parí, ẹlòmíì wà nílé. Láti ẹ̀kẹta lọ, omi la ń sọ, kì í ṣe àìsàn. Àkíyèsí tó o ṣe létí odò ló so mọ́ ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ lọ kọ́. Ìrora rẹ kò so mọ́ ọn, kò sì sí ìdí tí a ó fi fi tipátipá so ó. Tí o kò bá lọ sétí odò rárá, gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn náà tó. Wàá kàn padà sí iṣẹ́ Ìbàdàn rẹ, wàá sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ láti ibẹ̀. Títọ́jú ìyá ẹni kò nílò ohun àfikún kó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú lẹ́tà.

Ojú ewé méjì ni gbogbo lẹ́tà náà. Ìpínrọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdúnní

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ibì kan wà tí mi ò ti bá yín lọ. Kí ló dé tí ẹ fi dárúkọ àìsàn náà? Nídìí iṣẹ́ wa, àìsàn aláìsàn kì í ṣe ohun tí à ń tò síta. Màmá kọ́ ló ń wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. "Àìsàn nínú ìdílé" tó. Àwọn tó ń kà á kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo kọ tèmi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi gan-an ni mo ṣàìsàn, oṣù mọ́kànlá ni mi ò fi ṣiṣẹ́. Ohun tí mo kọ ni pé mo gba ìtọ́jú, pé dókítà ti ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì kọ oṣù tí mo padà. Mi ò sọ irú àìsàn tó jẹ́. Ìparí lẹ́tà ni mo fi sí, kì í ṣe àárín. Wọ́n gbà mí.

Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín gún régé nípa àìsàn ara ẹni. Ohun tí ẹ kọ yẹn gan-an ni mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá tó bá jẹ́ àìsàn ọpọlọ tàbí oyún tó bàjẹ́. Oṣù tó bẹ̀rẹ̀, pé èèyàn gba ìtọ́jú, oṣù tó padà. Ó parí.

Ti ìyá Àbẹ̀kẹ́, ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé "àìsàn nínú ìdílé" lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Rọpárọsẹ̀ ṣàlàyé fúnra rẹ̀ ìdí tó fi gba ọdún méjì. Ṣùgbọ́n màmá ló ni ọ̀rọ̀ náà, mo gbà. Àbẹ̀kẹ́, bi wọ́n léèrè. Bí wọn kò bá fẹ́, kọ "àìsàn líle tó gba ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́".

Ti ìparí tàbí àárín, èmi ṣì fẹ́ àárín, níbi tí àkókò rẹ̀ bọ́ sí. Ohun tí èèyàn bá kà kẹ́yìn ló ń bá a lọ, mi ò fẹ́ kó jẹ́ àlàfo ni ẹni náà máa rántí.

Nọ́ọ̀sì Àdúnní

Ní tèmi, mi ò fẹ́ kí ó dá ìtàn iṣẹ́ mi sí méjì. Ẹni tó bá ti ka gbogbo iṣẹ́ mi tán ti mọ̀ mí kó tó dé ibi àìsàn. Kálukú á yan èyí tó bá wù ú.

Ará Òkè-Àdó

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè tèmi. Àlàfo mi kò ní ìtàn tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023 nítorí pé mo rí ilé ẹ̀kọ́ ní Kánádà, mo ta ọkọ̀, mo ta gbogbo nǹkan, wọn ò wá fún mi ní físà. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi wà nílé kí n tó rí iṣẹ́ míì. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ pé mò ń ṣòwò. Ìlú Ọba ni mo fẹ́ lọ báyìí, Chevening náà ni.

Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò

Má kọ òwò tí o kò ṣe. Fọ́ọ̀mù físà Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ máa béèrè bóyá orílẹ̀-èdè kankan ti kọ físà fún ọ rí, òtítọ́ lo sì gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀. Báwo ni ìtàn méjì ṣe máa wà lórí orúkọ kan?

Ohun tó le nínú tìrẹ ni pé ẹni tó bá gba Chevening gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ka pé o ta gbogbo nǹkan láti kúrò nílùú á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá o máa padà. Nítorí náà, ta ọkọ̀ ta ilé kò ní ibì kankan nínú lẹ́tà. Èyí tó jẹ́ òtítọ́, tó sì tó, ni pé: "Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù báyìí láti lọ kàwé sí i ní Kánádà. Àǹfààní náà kò bọ́ sí i, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù báyìí." Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tí ò ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ àti ohun tó o fẹ́ padà wá ṣe nílé ló gbọ́dọ̀ gba àyè jù. Kò sí ọ̀nà àbùjá nínú èyí: bí o kò bá ní iṣẹ́ gidi kan nílé tó o lè tọ́ka sí pé o ń padà wá bá, àlàfo kọ́ ni wọ́n máa tìtorí ẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ará Òkè-Àdó

Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ẹ ṣé, bàbá.

Ìyá Ìbejì

Ẹ bá mi wo èyí: "Mo dúró nílé fún ọdún méjì nígbà tí mo bí ìbejì, mo sì padà sí iléèwé ní wákàtí ogún lọ́sẹ̀." Ṣé kí n fi kún un pé ọmọ títọ́ kọ́ mi ní ètò ṣíṣe?

Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò

Rárá, màmá. Ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí yẹn. Ó pé.

Àbẹ̀kẹ́ Olómi (ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Keje)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo bi màmá léèrè. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àìsàn náà, pé àwọn kò jalè. Torí náà mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ímeèlì sí ilé ẹ̀kọ́ náà nípa ọdún mẹ́fà, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n wàhálà tuntun dé. Ọ̀gá mi àtijọ́ ní Ìbàdàn fi lẹ́tà ìjẹ́rìí ránṣẹ́ lónìí, oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n kọ pé mo kúrò. Oṣù Kejì ni, mo ní àkọsílẹ̀ owó oṣù Kejì ní báńkì. Ṣé kí n yí sífíì àti lẹ́tà mi padà sí oṣù Kìíní kí gbogbo ẹ̀ lè bá ara mu?

Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò

Má yí i. Tó o bá kọ oṣù Kìíní, o ti fi irọ́ bá àṣìṣe wọn mu. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ṣì kọjá ọdún méjì, torí náà kò sí nǹkan tó ń lé ọ. Fi ìwé báńkì yẹn hàn wọ́n, ní kí wọ́n tún lẹ́tà kọ sórí ìwé ilé iṣẹ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tuntun sí i. Kí o tó kúrò níbẹ̀, ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ náà dáadáa, nítorí ẹni tó ṣi oṣù kan kọ lè ṣi èkejì.

Àbẹ̀kẹ́ Olómi

Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ sí Ìbàdàn. Bí mo bá ti rí lẹ́tà náà gbà, màá padà wá sọ fún yín níbí, àti ohun tí ilé ẹ̀kọ́ bá sọ nípa ọdún mẹ́fà.